Ẹ̀rọ ìfami tó ń gbẹ mọ́jú: ṣé páìpù ló ń fa afẹ́fẹ́ ni, àbí fúùtù fáàfù ló bàjẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe ní Kúbwá, lẹ́bàá Abùjá. Ìpè tí mo ń gbà jù láàárọ̀ kùtù kì í ṣe ti ẹ̀rọ tó jóná. Ti ẹ̀rọ tó fa omi dáadáa lánàá ni, tí wọ́n tan lówùúrọ̀ òní, tó wá ń kùn lásán, tí omi kankan kò gòkè. Wọ́n á gbé ife omi, wọ́n á rọ ọ́ sí i, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, wọ́n á tún bá a ní gbígbẹ. Ìbéèrè táwọn ará wa níbí máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ. Ẹ̀rọ tó jókòó sórí ilẹ̀, tó ń fa omi kànga, ni mò ń sọ. Súmò tí wọ́n ń rì sínú bọ́ọ̀hóòlù kò sí nínú èyí.

Omi tí mo rọ sí i lánàá, ibo ló gbà lọ?

Ẹ̀rọ orí ilẹ̀ kò lè fa omi bí kò bá ti sí omi nínú ara rẹ̀ àti nínú páìpù tó wọ kànga. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ jù fún un. Bó bá ń yí nínú afẹ́fẹ́, kò rí nǹkan kan dì mú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi fúùtù fáàfù sí ìsàlẹ̀ páìpù náà, nínú omi. Ilẹ̀kùn kékeré ni. Ó ń ṣí sókè nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fà, ó sì ń padé nígbà tí ẹ bá pa á, kí omi inú páìpù má baà padà sínú kànga.

Ẹ rántí bí ọmọdé ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà. Bó bá fi ìka dí òkè sítírọ́ọ̀ náà, tó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìgò, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ là sílẹ̀. Ìgbà tó bá gbé ìka kúrò ló máa dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù kànga ṣe rí. Kí omi inú rẹ̀ tó lè sá, ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà fún omi láti jáde nísàlẹ̀, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ wà fún afẹ́fẹ́ láti wọlé lókè.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀nà òkè ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Páìpù tó gbé omi lọ sí táńkì la ẹnu sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ọ̀nà ìsàlẹ̀ la máa ń wá: bóyá fúùtù fáàfù tí kò padé dáadáa mọ́, bóyá ojú ìsopọ̀ kan lára páìpù kànga tó ń jò.

Ní ilé tí wọ́n bá fi nọ́n-rítọ́ọ̀nù, ìyẹn fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, sí ibi tí omi ti ń jáde lára ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nọ́n-rítọ́ọ̀nù yẹn ni ìka ọmọdé tó dí òkè sítírọ́ọ̀. Bí omi bá ṣì ń sá níbẹ̀, tí nọ́n-rítọ́ọ̀nù náà fúnra rẹ̀ kò sì bàjẹ́, a jẹ́ pé àbùkù méjì ló pàdé: fúùtù fáàfù ń jò, ibì kan lára páìpù sì ń gba afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá tún ọ̀kan ṣoṣo ṣe nínú méjèèjì á rí i pé omi ti dúró, á sanwó, á sì dúpẹ́, láìmọ̀ pé èkejì ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti pè mí padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan nítorí èyí.

Ṣé mo lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì láìtú nǹkan kan?

Ẹ lè mọ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ má wo ohun tó ṣe lóru nìkan, ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rọ omi sí i tán.

Bí fúùtù fáàfù nìkan ló bàjẹ́, ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Omi á le, á máa ya wọ táńkì láìdánudúró, ìró ẹ̀rọ á dọ́gba látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí ni pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fà, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yẹn ṣí sílẹ̀ ni, jíjò rẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ bá pa á, kí ẹ jẹun ọ̀sán tán kí ẹ tún tàn án, ó ti gbẹ.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú ìsopọ̀ kan ló ń fa afẹ́fẹ́, àìsàn náà máa hàn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Omi á máa tutọ́, á máa já, á tún máa bọ̀. Bí ẹ bá gbe omi náà sínú ife tó mọ́ gaara, ó lè funfun bíi wàrà tó lami, kó tó mọ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń jáde. Táńkì tó ń kún ní ogójì ìṣẹ́jú á wá máa gbà ju wákàtí kan lọ. Inú ẹ̀rọ sì lè máa dún bí ìgbà tí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo.

Ojú ìsopọ̀ kan náà tó ń fa afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń sun omi jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi, nítorí ìwúwo omi inú páìpù táńkì á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbígbẹ pa gbogbo ojú ìsopọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tó bá tutù tàbí tó ti hu ewédò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Omi táńkì wa náà ń dín kù lóru, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan kò lò ó. Ṣé ó kàn án?

Ó kàn án gan-an. Bí ẹnu páìpù bá wọ inú omi táńkì, tàbí tí wọ́n gbé e wọ táńkì láti ìsàlẹ̀, fúùtù fáàfù tó bàjẹ́ á máa fa omi táńkì padà sínú kànga ní gbogbo òru. Ẹ tẹ́ etí sí ẹnu kànga nígbà tí àdúgbò bá ti parọ́rọ́. Ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí i pé ẹ̀rọ gbẹ, nítorí omi táńkì ló ń kún un. Iye owó iná nìkan ni wọ́n á máa ṣe kàyéfì sí.

Púlọ́ńbà ti pààrọ̀ fúùtù fáàfù lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò dá. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù, nítorí owó tó ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí èmi ń gbà, ká tó fa páìpù jáde nínú kànga rárá. Omi tí ẹ ń rọ sí i lówùúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n.

Páìpù onínṣì kan tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 25 ń gba omi bí ìdajì lítà ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ìdajì lítà náà ni píọ́ wọ́tà kan, èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Nítorí náà, píọ́ wọ́tà kan jẹ́ mítà kan páìpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yingin. Bí páìpù yín bá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá àjákù mítà kan lára irú rẹ̀, ẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rọ omi sí i, kí ẹ mọ iye tó gbà. Páìpù onínṣì kan àti ìdámẹ́rin ń gba bíi píọ́ wọ́tà kan àtààbọ̀.

Ní ilé kan níbí, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ló ni ilé náà. Ẹ̀rọ wà ní mítà 2 sí ẹnu kànga. Láti ẹnu kànga sí ojú omi jẹ́ mítà 6. Páìpù tó wà lábẹ́ omi kò sí nínú ìṣirò wa, torí omi kànga ló ń kún un fúnra rẹ̀. Nítorí náà mítà 8 ni páìpù tó lè gbẹ, inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì ń gba píọ́ wọ́tà kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ pátá, píọ́ wọ́tà 9 ló yẹ kó gbà.

Mo ní kí ìyá má fọwọ́ kàn án títí n óò fi dé ní ìdájí. Mo ṣí ìdérí ibi tí a ń gbà rọ omi, mo ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń mi páìpù kí afẹ́fẹ́ lè jáde, torí ẹni tó bá dà á gììrì á ti afẹ́fẹ́ mọ́ inú, á sì ka iye tí kì í ṣe òótọ́. Ní píọ́ wọ́tà kẹrin, omi dé ẹnu, ó dúró.

Ohun tí iye yẹn sọ nìyí. Bí fúùtù fáàfù ló ń jò, omi ì bá ti lọ títí dé ojú omi kànga, á sì gba 9. Mẹ́rin ló gbà. Yọ ọ̀kan ti inú ẹ̀rọ kúrò, ó ku mẹ́ta: mítà 2 tó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, àti mítà 1 nínú kànga. Omi tó kù sísàlẹ̀ dúró digbí ní gbogbo òru, fúùtù fáàfù ló sì gbé e dúró. Ihò náà wà ní bíi mítà kan sí ẹnu kànga.

A fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ gan-an, níbi tí wọ́n ti so páìpù mọ́ra nígbà tí wọ́n ń fà á gùn, ìlà omi sì ti gbẹ funfun sára páìpù láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò mú apá kan rárá. Wọ́n ti fi í sí ara páìpù tó tutù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fa páìpù jáde láti pààrọ̀ fúùtù fáàfù, sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn. Fúùtù fáàfù méjèèjì tí wọ́n yọ wà lẹ́yìn ilé. Mo fọ̀ wọ́n, mo dán wọn wò, kò sí èyí tó ń jò nínú wọn.

Ibi tí ọgbọ́n yìí mọ: bí jíjò náà bá kéré, tí omi kò tíì sá tán kí ilẹ̀ tó mọ́, iye tí ẹ máa kà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí iye kejì bá pọ̀ sí i títí tó fi dé ojú omi, fúùtù fáàfù ni. Bó bá dúró lójú kan ní ìgbà méjèèjì, ihò ni, ẹ sì ti mọ ibi tó wà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo lè fi dán fúùtù fáàfù wò láìfà á jáde?

Ó wà, kò sì gbà ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná pátápátá. Ẹ má fi ti pé kò sí iná NẸ́PÀ ṣe, ó lè dé nígbàkigbà. Ẹ ti géètì fáàfù tó wà lójú ọ̀nà táńkì, bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí omi páìpù táńkì kọ́kọ́ ṣàn jáde, torí bí ẹ bá ṣí ìdérí, òun ló máa tú sí yín lójú. Lẹ́yìn náà kí ẹ rọ omi kún dé ẹnu, kí ẹ sì fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ẹ wò ó. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀, tí gbogbo ojú ìsopọ̀ tí ẹ lè rí sì gbẹ, omi náà ń padà sí kànga ni. Bó bá lọ díẹ̀ tó sì dúró, ẹ padà sórí ìṣirò píọ́ wọ́tà. Bí kò bá kúrò lójú kan rárá fún ààbọ̀ wákàtí, fúùtù fáàfù yín dára, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ sì dára. Ẹ lọ wo ìdérí tí ẹ ṣí yẹn fúnra rẹ̀, rọ́bà abẹ́ rẹ̀, àti ibi tí irin mọ́tọ̀ ti wọ inú ẹ̀rọ.

Mo fọwọ́ kan gbogbo oríkèé, kò sí èyí tó tutù. Síbẹ̀ omi ń tutọ́. Báwo nìyẹn?

Omi ki ju afẹ́fẹ́ lọ ní bí ìlọ́po 50. Ojú ìlà tín-ín-rín tí omi kò lè gbà jáde, afẹ́fẹ́ á gbà á wọlé. Rọ́bà kan tún wà tó jẹ́ pé bí omi bá tì í láti inú, ńṣe ló máa fún mọ́ ibi tó wà. Bí ẹ̀rọ bá fà á láti inú, á ṣí. Rọ́bà tó ti gbó nínú yúníọ̀nù, ìsopọ̀ tó ṣeé tú, sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìfófó ọṣẹ ni oògùn rẹ̀. Ẹ pò ó kó ki, tàbí kí ẹ lo ìfófó tí àwọn ọkùnrin fi ń fá irùngbọ̀n, kí ẹ fi bo ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan lára páìpù kànga nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ má retí pé kó máa ru bí ti táyà tó ń jò, torí afẹ́fẹ́ ń wọlé ni, kì í jáde. Ìfófó náà á rì wọnú ojú ìlà náà, á sì fi ihò kékeré sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí mọ́tọ̀ àti wáyà pẹ̀lú ọṣẹ yín.

Ọ̀nà kejì tí mo fẹ́ràn ni pé kí ẹ máa da omi díẹ̀díẹ̀ sórí oríkèé kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kejì dúró ní ẹnu táńkì. Ibi tí omi bá ti dí ihò náà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, títutọ́ á dáwọ́ dúró lókè. Ẹ má fi rọ́bà inú táyà tàbí nílọ́ọ̀nù wé oríkèé yẹn kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó dára fún àyẹ̀wò, kì í ṣe àtúnṣe.

Ibo ló sábà máa ń jò?

Yúníọ̀nù tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nítorí òun ni gbogbo èèyàn ń tú. Rọ́bà róbótó inú rẹ̀ á ti fẹ̀, tàbí kí èérí jókòó sórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí páìpù onírọ́bà ti wọ irin ẹ̀rọ: wọ́n á fún un títí ike fi sán, ẹ kò sì ní rí ojú sísán náà títí ẹ ó fi tú u. Ike ń fẹ́ kí a fi ọwọ́ fún un, kí a wá fi sípánà kún un díẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ̀pù ló yẹ kó ṣiṣẹ́ ìdádúró omi, kì í ṣe agbára. Ìhà tí nọ́ọ̀tì ń yí sí náà ni kí ẹ wé tẹ́ẹ̀pù sí. Bí ẹ bá wé e sódì, ńṣe ló máa tú bí ẹ ṣe ń fún un.

Ohun kan wà tí ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún kì í bá pàdé tó bí àwa tí a wà níhìn-ín. Ọyẹ́. Láti oṣù Kejìlá, òru á tutù, ọ̀sán á sì mú bí iná, ìyàtọ̀ wọn lè tó 20 dígírì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Páìpù ike mítà 4 tó nà sínú oòrùn á gùn, á sì súnkì ní bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lójoojúmọ́ nítorí èyí. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì dè é mọ́lẹ̀ ní òpin méjèèjì, ojú ìsopọ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Oòrùn fúnra rẹ̀ sì ń mú kí ike máa ṣẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, tàbí kí ẹ bò ó. Ẹ sì jẹ́ kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti kànga títí dé ẹ̀rọ. Bí ibì kan bá yọ gegele láàárín, afẹ́fẹ́ á kó jọ síbẹ̀.

Fúùtù fáàfù náà ni lóòótọ́. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni, àbí kí n ra tuntun?

Ẹ fà á jáde kí ẹ tó ra nǹkan kan. Ohun tí mo ń bá níbẹ̀ jù ni iyanrìn tàbí òkúta kékeré kan tó há sí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò jẹ́ kó padé. Àjákù nílọ́ọ̀nù náà ń ṣe é. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ojú ibi tí rọ́bà ń jókòó sí, kí ẹ tẹ ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ìka kí ẹ rí i bóyá sípíríǹgì rẹ̀ ń tì í padà. Bí rọ́bà bá ti ní ojú ọgbẹ́, tàbí tó ti le bí awọ gbígbẹ, kò sí fífọ̀ tó lè wò ó.

Lẹ́yìn náà ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ páìpù mítà kan, ẹ rọ omi kún páìpù náà, kí ẹ gbé e dúró lórí ìwé gbígbẹ fún wákàtí kan. Ìwé náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ dán tuntun tí ẹ rà lọ́jà wò bákan náà kí ẹ tó rì í sínú kànga. Mo ti rí tuntun tó ń jò. Bí owó bá gbà á, búráàsì ni kí ẹ rà, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo, ó sì ń padé gírígírí. Ti ike dára níbi tí kànga kò bá ti jìn tí omi rẹ̀ sì mọ́.

Ìdí tí iyanrìn fi ń wọ ibẹ̀ ni pé fúùtù fáàfù jókòó sórí ilẹ̀ kànga. Ẹ gbé e sókè tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ sí ìsàlẹ̀ kànga, kí omi sì bò ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán.

Ṣé mi ò kàn lè fi nọ́n-rítọ́ọ̀nù kejì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí n sinmi?

Ó máa dá omi inú ẹ̀rọ dúró, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n páìpù tó lọ sí kànga lè ṣì gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ yín á wá máa tiraka láti fa afẹ́fẹ́ yẹn jáde lójoojúmọ́, ẹ kò sì ní lè gba ibẹ̀ rọ omi sínú páìpù mọ́. Ó tún ń dín agbára ìfà kù. Èmi kì í fi í síbẹ̀. Ẹyọ fúùtù fáàfù kan tó dára ti tó.

Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni tèmi ń ṣe é, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Bí òjò bá dé, ara rẹ̀ á yá.

A jẹ́ pé kì í ṣe òru ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé: ṣé lẹ́yìn tó ti fà fún bí ogún ìṣẹ́jú ló bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́, tí wọ́n sì pa á nígbà náà? Ojú omi ló lọ sílẹ̀ títí fúùtù fáàfù fi yọ sí afẹ́fẹ́. Ó mu afẹ́fẹ́ yó kó tó sùn, ẹ̀yin sì bá a bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀, nígbà tí kànga ti sun omi padà.

Jíjìn náà wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè sínú páìpù. Létí òkun, bó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó, kò lè fa omi ju mítà 10 ó lé díẹ̀ lọ, àti pé ìyẹn orí ìwé ni. Níbi tí a wà ní Abùjá, ilẹ̀ ti gòkè, ó ti dín bí ìdajì mítà. Ní Jọ́ọ̀sì tó ga ju mítà 1,200 lọ, bíi mítà 9 ló kù lórí ìwé. Tí a bá yọ èyí tí páìpù àti oríkèé ń jẹ nínú ìfà náà, mítà 7 ni mo máa ń fọkàn sí níbí, 6 ní Jọ́ọ̀sì. Bí kànga yín bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, àbùkù tín-ín-rín tí kò hàn nígbà òjò máa hàn, nítorí ìfà náà ti le sí i. Súmò ni ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Ṣé ọmọ iṣẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo fúùtù fáàfù nínú kànga?

Rárá. Ẹ fa páìpù jáde, ẹ má jẹ́ kí èèyàn wọlé. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí lè má sí nísàlẹ̀ kànga, ẹni tó bá sì dákú níbẹ̀ á rì kí okùn tó dé. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ẹnu kànga, èéfín rẹ̀ lè ṣàn wọ inú rẹ̀, májèlé inú èéfín náà kò sì ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ mi ní ọtomátíìkì tó ń tan ara rẹ̀. Ṣé ewu kankan wà?

Ó wà. Bí omi bá sá lóru, tí táńkì sì béèrè omi nígbà tí gbogbo yín ti sùn, ẹ̀rọ á máa yí ní gbígbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń tu síìlì rẹ̀ lára, níbi tí irin mọ́tọ̀ ti wọ inú ẹ̀rọ. Láìsí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti jó o. Síìlì tó jóná á wá di ojú tuntun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe á ní ẹjọ́ méjì láti rò. Títí ẹ ó fi rí ibi tó ń jò, ẹ yọ ọtomátíìkì náà, kí ẹ máa fi ọwọ́ tàn án.

Mo ti tún un ṣe. Ìgbà wo ni mo lè lò ó, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti dá?

Gọ́ọ̀mù fẹ́ páìpù gbígbẹ tó mọ́, tí ẹ ti fi sáńpépà ha díẹ̀. Ẹ fi í sí ara méjèèjì, ẹ tì í wọlé, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dì í mú fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó rọ omi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní láti ra omi lọ́wọ́ máì rúwà lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n tàn ní wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i ni mo ń padà lọ tún ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ rọ omi sí i, ẹ fi ẹ̀rọ fa omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì pa á. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún wákàtí 12. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ ti géètì fáàfù tàbí kí ẹ jẹ́ kí omi páìpù táńkì ṣàn tán, kí ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ sì wo ibi tí omi wà. Bó bá wà lẹ́nu, tàbí tí ìlàjì píọ́ wọ́tà kan kún un, ó ti dá. Bó bá gbà ju ọ̀kan lọ, ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí 24.